Ibi Tí Ìwé Kọjú Sí

Ẹ bá mi wo Morónikẹ́ ná. Obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ó jókòó sí yàrá ẹ̀ ní Ìrókò, ó gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, ó wá dorí kodò níwájú ẹ̀ bí ẹni tí yẹtí ẹ̀ já bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ọrùn sápá òsì. Ó gbé e sápá ọ̀tún. Ẹni tó bá gba ojú fèrèsé kọjá á ní ìrọ̀rí ló ṣe é léṣe lóru. Rárá o. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Zubaidah, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí fèrèsé yẹn, fara dà á fún oṣù mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó dìde tòun ti téèpù ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn, ó kọjá títì.

"Ìyá Láptọ́ọ̀pù, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe níbí yìí?"

"Mo máa ń wo ibi tí ìwé kọjú sí ni."

"Tẹ́ ẹ bá wá wò ó tán, ẹ ó kà á?"

"Rárá. Wọ́n ní n má tíì kà á."

"Wọ́n ń sanwó fún yín kẹ́ ẹ má kàwé?" Zubaidah pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọmọ tèmi tó ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún mẹ́ta wá ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Zubaidah padà sídìí máṣíìnì ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni Morónikẹ́ fi mu omi ọ̀sán, òun ló sì tún fi jẹun alẹ́, torí ẹlòmíì ò tún bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Òótọ́ ló sọ o. Ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe áàpù kan, tó jẹ́ pé téèyàn bá gbé fóònù síwájú ìwé, fóònù á kà á sókè fún un. Ti àwọn tójú ń dùn ni, àti àwọn tí ò kàwé. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ya olórí kunkun. Bí ìwé bá dúró ṣánṣán, á kà á bíi tíṣà. Ẹ sáà dojú ìwé yẹn dé, ẹ gbọ́ bí á ṣe máa ṣe wótowòto. Bẹ́ẹ̀ ìwé ayé ò kí ń dúró ṣánṣán. Àpò àjílẹ̀ á wà nílẹ̀ tí orí ẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Pátákó ilé oúnjẹ á to lẹ́tà léra bí abọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Pátákó míì, odidi ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí àkọ́kọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ìdérí ìgò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ á fi ibẹ̀ ṣe òbírípo.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi gba Morónikẹ́. Kí ẹ̀rọ tó ka ohunkóhun, kó ti mọ ibi tóhun náà kọjú sí. Morónikẹ́ á tẹ àmì àkọ́kọ́ síbi tí ojú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, á gba orí lẹ́tà lọ dé ìparí, á gba ìsàlẹ̀ wọn padà. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, á tẹ àmì súnmọ́ra kó lè bá a wọ́. Ẹ̀rọ á wá na ọ̀rọ̀ náà tọ́ bí ẹni ń na aṣọ tó hunjọ, ìgbà yẹn ni á tó kà á.

Luqman ni ọ̀gá ẹ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kan tó ń gbé ní Ọlọ́runṣògo. Wọn ò ríra rí. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Morónikẹ́ máa ń to ìbéèrè jọ dè é, títí kan èyí tóun fúnra ẹ̀ mọ ìdáhùn ẹ̀, kí ìpè má baà tètè parí. Ọdún kejì rèé tí bàbá ẹ̀ ti kú. Abọ́ méjì ló máa ń fọ̀ lálẹ́ tẹ́lẹ̀. Abọ́ kan ló kù, ó sì ń fọ̀ ọ́ pẹ́ ju méjì lọ.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Bámgbóṣé, àbúrò bàbá ẹ̀, fi gun ọ̀kadà dé lọ́jọ́bọ̀. Bàbá kékeré ò kí ń wá lásán. Wọ́n jókòó, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n wo láptọ́ọ̀pù, wọ́n gé obì.

"Morónikẹ́."

"Ẹ̀yin, bàbá kékeré."

"Abúlé wa àtijọ́ yẹn. Ẹbí ti fi sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ gbin kajú. Katakata ń wọbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Morónikẹ́ pa láptọ́ọ̀pù dé.

"Mo ti bá wọn sọ ọ́. Ibi tí ìyá ẹ wà, tó o bá ti lè nawọ́ sí i, wọ́n á yà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ká na ọwọ́ sí gbogbo igbó. Ibi kan pàtó." Wọ́n jẹ obì díẹ̀. "Tó o ò bá mọ̀ ọ́n…"

Wọ́n fi obì pa ìyókù mọ́nú.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Morónikẹ́ nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Abúlé yẹn ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sójú títì, ilé kan tẹ̀lé òmíràn, títí igbó fi wọ ìdí ààrò. Kàdúná ni bàbá kékeré wà lásìkò yẹn, wọn ò bá wọn síbi ìsìnkú. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ibẹ̀, òun náà ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Mo ní ìwé kan," Morónikẹ́ wí.

Lóòótọ́ ló ní in. Bàbá ẹ̀, oko ìwádìí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ kí wọ́n sì yà á sórí ìwé: ibí ni àgbàdo, ibí ni ẹ̀wà, ibí ni odò. Wọ́n láṣà kan. Ibi tí ìlà bá gbà lọ̀rọ̀ wọn máa ń gbà. Bí ọ̀nà bá wọ́, ọ̀rọ̀ á bá a wọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, ìye ìṣísẹ̀ ni, wọn ò tún ń ṣàlàyé. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan ni wọ́n ya ti abúlé sí. Ilé ìdáná rèé, bí àpótí. Igi máńgòrò rèé, bí ẹyin. Ìlà kan jáde láti igun ilé ìdáná, ó lọ sápá ọ̀tún, ó gba ẹ̀yìn máńgòrò, ó sì ṣẹ́rí padà nísàlẹ̀. Lórí ìlà yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà gàdàgbà: LÁTI IGUN ILÉ ÌDÁNÁ, YÍ MÁŃGÒRÒ PO, DÉ Ọ̀DỌ̀ ÌYÁ MORÓNIKẸ́. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá kọ nọ́ńbà sí ìparí.

Ọ̀rọ̀ tó wà lókè ìlà dúró dáadáa. Èyí tó wà nísàlẹ̀ dojú dé, Morónikẹ́ ní láti yí ọrùn kó tó rí orúkọ ara ẹ̀ kà. Ó kà á tán, ó gbé ọrùn sípò, ó wo nọ́ńbà.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún."

"Nọ́ńbà rẹpẹtẹ nìyẹn," bàbá kékeré wí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn méjèèjì lọ. Ògiri ilé ìdáná ṣì kù, ó ga tó orúnkún. Kùkùté máńgòrò náà wà níbẹ̀. Bàbá kékeré ká ṣòkòtò sókè, wọ́n bọ́ sọ́nà, wọ́n ń kà. Wọ́n yí kùkùté po ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó wá ku mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó pọ̀ ju ohun tó lè ṣẹ́rí padà sídìí ilé ìdáná lọ, wọ́n bá kọrí síwájú, wọ́n ń fi àdá lagbó. Ní mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, bàtà wọn wọ ẹrẹ̀ gbùú.

Àbàtà ni. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wò wọ́n, ó fò lọ.

"Bàbá ẹ ò lè sin aya wọn síbí," bàbá kékeré ní. "Kì í ṣe ẹja àrọ̀." Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n wúkọ́. "Má bínú. Bóyá ẹsẹ̀ mi ló gùn jù. Ẹ̀gbọ́n mi kúrú díẹ̀. Ìwọ kà á."

Morónikẹ́ kà á. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ gbé e dé àárín oko ẹ̀gẹ́ ẹnìkan. Wọ́n tún un kà. Wọ́n rìn ín gbọọrọ, wọ́n rìn ín kúkúrú. Bàbá kékeré tiẹ̀ gbìyànjú láti rìn bí ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń rìn, wọ́n gbé èjìká kan sókè, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì jọ ọ́ débi tí Morónikẹ́ ní láti yíjú síbòmíì. Ẹ̀rín ń pa á, ẹkún náà ń bọ̀. Ní gbogbo ibi tí mọ́kànléláàádọ́rùn-ún gbé wọn dé, igbó lásán ni.

"Ọmọ mi," bàbá kékeré ní nígbà tí oòrùn ń wọ̀, "bóyá ká kàn dúró síbí, ká ṣàdúrà sí gbogbo ilẹ̀ náà."

"Bàbá kékeré, gbogbo ilẹ̀ kọ́ ni màmá mi."

Wọ́n gbé àdá sábẹ́ abíyá, wọ́n ṣáájú lọ sójú títì.

Nígbà tó délé, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe. Ó gbé fóònù síwájú ìwé náà, ó ní kí áàpù ilé iṣẹ́ àwọn kà á. Ẹ̀rọ ka apá òkè dáadáa. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ dà rú lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà jáde ketekete: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ó dáa. Èèyàn kà á, ẹ̀rọ kà á, ohun kan náà ni wọ́n rí. Kí ló tún kù? Ó ká ìwé náà, ó dùbúlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé bóyá bàbá òun ló ṣì í kọ, ìyẹn sì dùn ún ju igbó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣiṣẹ́. Kí ló fẹ́ fi ọjọ́ Àìkú ṣe? Àwòrán òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, àwọn òǹtẹ̀ róbótó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń tẹ̀ sára ìwé. Ó ṣe ogójì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù dún.

"Àńtí Morónikẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Luqman, ọ̀gá mi. Báwo nilé?"

"Ilé dáa. Àńtí, òǹtẹ̀ kejìlélógún yẹn. Ẹ̀rọ ka ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ mọ ohun tó kà?"

"Kí ló kà?"

"8961."

Morónikẹ́ wá òǹtẹ̀ náà jáde lórí láptọ́ọ̀pù.

"Àwọn bàbá wọ̀nyẹn ò tíì dé, Àńtí. Ọ̀nà ni wọ́n ṣì wà." Luqman ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àwòrán náà. Ẹ ti gé nọ́ńbà kúrò lára ìlà. Ẹ fi àmì yí i ká lọ́tọ̀ bí àpótí, ẹ wá sọ fún ẹ̀rọ pé ó dúró dáadáa."

"Ó dúró dáadáa ni. Mo rí i."

"Àńtí mi, etí òǹtẹ̀ ni ìlà náà tẹ̀lé. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó yípo, nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, orí ẹ̀ ti wà níbi tẹ́sẹ̀ wà. Bí lẹ́tà bá dojú dé, á máa pariwo, ojú á mọ̀. Àwọn nọ́ńbà kan ò ní pariwo. 1, 6, 8, 9, òfo: ẹ dojú wọn dé, wọ́n á kàn di nọ́ńbà míì, wọ́n á sì máa wò yín bí ọmọ dáadáa. 1968 ni. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ nọ́ńbà ibi tó kọjú sí, irọ́ ni á pa. Ẹ bi àwọn tó ṣáájú ẹ̀ lórí ìlà."

Ní Ìrókò, Morónikẹ́ ti dìde kúrò nídìí láptọ́ọ̀pù.

"Hẹlô? Àńtí? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbé yín lọ?"

"Dúró, Luqman. Jọ̀ọ́, má gé e."

Ó fa ìwé bàbá ẹ̀ yọ. Ó fi ìka lé igun ilé ìdáná. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà, ó sì ń yí ìwé náà bí ìka ṣe ń lọ, kí ọ̀rọ̀ lè máa wà lóòró níwájú ẹ̀. Láti igun ilé ìdáná. Ó yí i. Yí máńgòrò po. Ó yí i. Nígbà tó fi máa dé orúkọ ìyá ẹ̀, ìwé náà ti dorí kodò pátápátá lọ́wọ́ ẹ̀, àpótí ilé ìdáná ti bọ́ sápá kejì. Lọ́jọ́bọ̀, ibí yìí ló ti gbé ọrùn sípò. Lónìí, ó fi ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sún ìka síwájú díẹ̀.

16.

Obìnrin tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun! Ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ àmì sórí ẹgbẹ̀rún ìdérí ìgò. Ìwé tí bàbá ẹ̀ kọ fún un nìkan ni kò wò dáadáa.

"Mẹ́rìndínlógún," ló wí.

"Kí ni mẹ́rìndínlógún?"

"Màmá mi ni."

"Màmá yín ti pé… ẹn?" Ó dàrú mọ́ Luqman lójú. "Màmá yín wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀? Ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ̀yin àti màmá lẹ jọ ń gbé. Ẹ bá mi kí wọn o!"

Morónikẹ́ la ẹnu láti ṣàlàyé. Ibo ni á ti bẹ̀rẹ̀? Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kò sí nǹkan tí Luqman mọ̀ nípa ẹ̀ ju iye àwòrán tó ń ṣe lọ.

"Àńtí, ẹnìkan ń pè mí wọlé, ẹ jẹ́ n gbọ́ tiẹ̀. Màá pè yín padà kíá."

Kò pè é padà. Mi ò dá a lẹ́bi, òun náà ní ogún èèyàn tó ń bójú tó. Morónikẹ́ gbé àwòrán ìwé náà sórí láptọ́ọ̀pù, ó ṣiṣẹ́ lé e lórí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò. Àmì àkọ́kọ́ síbi tí ojú ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì tó súnmọ́ra gba orí lẹ́tà, yí kọ́nà, títí kọjá nọ́ńbà, ó gba ìsàlẹ̀ padà. Ìlà kan, kò gé e. Ẹ̀rọ nà án tọ́. Ó sì kà á, pẹ̀lú ohùn ẹ̀ tí kò mọ òkè mọ ìsàlẹ̀, bí òyìnbó tó ń kí èèyàn níbi ìkómọ: "…dé ọ̀dọ̀ ìyá Morónikẹ́, mẹ́rìndínlógún."

Ó tẹ̀ ẹ́ kó tún un kà. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọ̀kadà já a sí ẹnu ọ̀nà abúlé, katakata ti ń hó. Awakọ̀ ẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó ń jẹ́ Sanmí, ń jẹ búrẹ́dì lórí ìjókòó. Bàbá kékeré ò tíì dé.

"Ẹ dákun, ẹ má tíì gbéra!"

"Mọ̀mí, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá ní a gbọ́dọ̀ ṣe apá yìí tán lónìí."

"Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni mo fẹ́ rìn."

Sanmí wo obìnrin náà, ó wo ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó dì mú bí ọmọ tuntun. Ó pa ẹ́ńjìnì. "Mẹ́rìndínlógún péré? Ẹ rìn ín. Búrẹ́dì mi ò tíì tán."

Ó fẹ̀yìn ti igun ilé ìdáná. Ó jáde sápá ọ̀tún, ó ń kà lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó yí kùkùté po, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Ibí yìí ni wọ́n ti kọrí síwájú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lónìí, ó bá ìlà ṣẹ́rí padà. Mọ́kànlá. Méjìlá. Ó ń padà bọ̀ sílé. Mẹ́tàlá. Ògiri ilé ìdáná ń sún mọ́ ọn, láti apá ẹ̀yìn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún. Ewé gbígbẹ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ewé ọgbọ̀n ọdún.

"Ibẹ̀ nìyẹn?" Sanmí ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn àdá gba ewé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹnu àdá kan ilẹ̀. Ó dún kì. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i: kì. Kì í ṣe ohùn iyẹ̀pẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì ni. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ti sán lójú méjì, tí gbòǹgbò ti gba abẹ́ ẹ̀.

Sanmí bọ́ fìlà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ̀mí," ló wí, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Ó lọ gé igi mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí i ká, ó sì fi àyè sílẹ̀ dáadáa kí táyà má baà dé ibẹ̀.

Morónikẹ́ na ọwọ́, ọwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ilé ìdáná. Bó ṣe súnmọ́ ọn tó nìyẹn. Ẹni tó bá wà nídìí ààrò lè bá ẹni tó sùn síbí sọ̀rọ̀ láì gbé ohùn sókè. Ó wá rántí bàbá ẹ̀ nídìí ààrò, lẹ́yìn tí ìyá ẹ̀ kú, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òun ọmọdé á yọjú, á bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ọbẹ̀ ni. Ó fẹ́ gbóná jù." Ó gbà wọ́n gbọ́ fún ọdún márùndínlógójì.

Ìgbà tí bàbá kékeré fi máa dé, igi mẹ́rin ti dúró. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo àbàtà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n mi orí títí.

"Àwa la lọ ń wá wọn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n kúnlẹ̀. "Ibo ni orí wà?"

"Ẹn?"

"Orí wọn. Ibo ni wọ́n kọjú sí? Mo fẹ́ kí wọn."

Morónikẹ́ yí sìmẹ́ǹtì náà po. Ó wo ìdí kan, ó wo ìdí kejì. Wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Ìlà ò sí, lẹ́tà ò sí. Ibi méjèèjì rí bákan náà. Ó fi ọwọ́ gbá ewé kúrò, ó fi ìka wá a káàkiri.

"Mi ò mọ̀, bàbá kékeré."

Bàbá kékeré kí apá méjèèjì, kí wọ́n má baà ṣi ẹnikẹ́ni kí. Wọ́n gbọn ekuru nù lórúnkún, wọ́n ní àwọn ń lọ wo àwọn tó ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. Sanmí gun katakata, ó tan án, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ó wá ku Morónikẹ́ nìkan. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín ìdí méjèèjì, ó gbé ọwọ́ lé sìmẹ́ǹtì tó ti ń yá lábẹ́ oòrùn.

"Màmá, Morónikẹ́ ni," ló wí.

Ariwo katakata ò jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Ló bá tún un wí.